Ọ̀nà mẹ́ta, ìbéèrè kan: bí a ṣe ń dá mátíríìsì pọ́sítífù dẹ́fínìtì mọ̀

Ọmọ kan tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan. Mátíríìsì kékeré yìí ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kó sọ bóyá ó jẹ́ pọ́sítífù dẹ́fínìtì:

```
1   2
2   3
```

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló kọ, ẹni tó máàkì ìwé náà sì fa ìlà pupa lé e lórí. Ó dun ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ló ju òdo lọ. Èwo ló wá kù tí kì í ṣe pọ́sítífù?"

Orúkọ yẹn ló tàn án jẹ, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ṣáájú rẹ̀. "Pọ́sítífù" tó wà nínú orúkọ náà kò sọ nǹkan kan nípa àwọn nọ́ńbà tí ojú ń rí nínú mátíríìsì. Ohun tí mátíríìsì náà ń ṣe ló ń sọ. Ìwé á wá to àyẹ̀wò mẹ́ta sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni to ọjà sórí àtẹ: ẹ wo áígẹ́nfálù, tàbí kí ẹ wo pífọ́ọ̀tì, tàbí kí ẹ wo dítámínáǹtì àwọn igun òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ á há mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, kò ní mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ rí.

Mátíríìsì tí ọ̀rọ̀ kàn níbí ni èyí tí à ń pè ní símẹ́tíríìkì. Ẹ fa ìlà láti igun òkè lápá òsì wá sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ká bébà náà lójú ìlà yẹn, nọ́ńbà ìhà kan á bọ́ sórí ìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọn á sì jẹ́ ọgba. Irú mátíríìsì bẹ́ẹ̀ ní àgbékalẹ̀ kan tó ń bá a rìn. Nínú ti ọmọ yìí, àwọn nọ́ńbà tó wà lórí ìlà tó dábùú náà, 1 àti 3, á lọ bá x² àti y². 2 méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á para pọ̀ di 4, á sì lọ bá xy:

f(x, y) = x² + 4xy + 3y²

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyí. Ẹ mú x àti y èyíkéyìí tó bá wù yín, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ òdo pa pọ̀. Ǹjẹ́ ohun tí f máa bí á ju òdo lọ nígbà gbogbo? Tó bá rí bẹ́ẹ̀ láìyọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, mátíríìsì náà jẹ́ pọ́sítífù dẹ́fínìtì. Tí ibì kan ṣoṣo bá wà tí f ti já wálẹ̀ dé òdo tàbí tó lọ sábẹ́ òdo, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ní kí ọmọ náà fi x = 1, y = 1 dán an wò. Ó rí 8, inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó wá fi x = −2, y = 1 sí i. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: 4, yọ 8 kúrò, fi 3 kún un. −1 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó dákẹ́, ó tún un ṣe, −1 náà ni. 4xy yẹn ló ṣe é: nígbà tí x àti y bá kọjú ìjà síra wọn, tí ọ̀kan wà lókè òdo, tí ìkejì wà lábẹ́ rẹ̀, 4xy á fa gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, x² àti 3y² ò sì lágbára tó láti gbé e dìde.

Bí a bá ya f bí ilẹ̀ ṣe ga sí lórí gbogbo x àti y, mátíríìsì pọ́sítífù dẹ́fínìtì á yọ bí abọ́ tí a gbé ka tábìlì. Ìsàlẹ̀ abọ́ náà wà níbi òdo, ibi yòówù kí èèyàn kọjú sí láti ibẹ̀, òkè ló ń lọ. Ti ọmọ yìí kì í ṣe abọ́, gàárì ẹṣin ni. Ẹni tó bá gba iwájú tàbí ẹ̀yìn gàárì á gòkè, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ á yọ̀ ṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá ibi tí nǹkan ti kéré jù, yálà owó tí iṣẹ́ kan á ná wọn ni o, tàbí àṣìṣe nínú ìwọ̀n, kì í fi í ṣeré. Wọ́n lè dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú kí wọ́n rò pé àwọn ti dé ìsàlẹ̀ abọ́, kó sì jẹ́ pé orí gàárì ni wọ́n dúró sí.

Ṣùgbọ́n x àti y kò lópin, kò sí ẹni tó lè dán gbogbo wọn wò. Ohun tó gbà wá ni sùkúéà, nítorí nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kò lè lọ sábẹ́ òdo láéláé. Tí a bá lè tún f kọ kó jẹ́ àkójọ sùkúéà nìkan, láìsí xy kankan láàárín wọn, ojú lásán ló máa fi hàn bóyá abọ́ ni tàbí gàárì. Ti ọmọ yìí nìyí:

x² + 4xy + 3y² = (x + 2y)² − y²

Ẹ tú u wò, ẹ máa rí i pé ó pé. Sùkúéà àkọ́kọ́ ní 1 níwájú, èkejì ní −1. Àmì ìyọkúrò yẹn ló fi àṣírí gàárì hàn. Ó tún sọ ibi tí a ti máa bá a: ẹ jẹ́ kí x + 2y di òdo, kí sùkúéà àkọ́kọ́ kú, kó wá ku −y² nìkan. x = −2, y = 1 tí mo fún un kì í ṣe orí-ire, inú ibẹ̀ ni mo ti mú un.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí a bá ṣe ìyọkúrò ìlà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, èyí tí wọ́n fi ń yanjú ìdọ́gba púpọ̀ pa pọ̀. Ìlà kejì, yọ ìlà kìíní kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 2 di òdo, 3 di 3 − 4, èyí tí í ṣe −1. Àwọn nọ́ńbà tó dúró lórí ìlà tó dábùú lẹ́yìn ìyọkúrò, 1 àti −1, là ń pè ní pífọ́ọ̀tì. Àwọn gan-an ló wà níwájú sùkúéà méjèèjì. Kì í ṣe pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ o. Ìyọkúrò ìlà àti pípé sùkúéà, iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀kan ń lo mátíríìsì, ìkejì ń lo lẹ́tà. 2 tí a fi sọ ìlà kìíní di púpọ̀ kí a tó yọ ọ́ kúrò, òun náà ni 2 tó wà nínú (x + 2y).

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí tó tóbi díẹ̀, ká ṣe é látòkè délẹ̀:

```
 4   2  -2
 2   5   3
-2   3   6
```

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ojú á kọ́kọ́ lọ sórí ìlà tó dábùú: 4, 5, 6. Gbogbo wọn ju òdo lọ. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òdo tàbí ó wà lábẹ́ òdo, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀, mátíríìsì náà ti kùnà. Ìdí ni pé bí a bá fi 1 sí ipò kan, tí a sì fi òdo sí gbogbo ipò yòókù, nọ́ńbà orí ìlà yẹn gan-an ni f máa bí. Èyí dára láti fi lé mátíríìsì burúkú dànù ní kíá, ṣùgbọ́n kò tó láti fi gba èyí tó dára wọlé. Ti ọmọ yẹn náà ní 1 àti 3 lórí ìlà rẹ̀.

Pífọ́ọ̀tì kìíní ni 4. Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, nítorí náà a yọ ìdajì ìlà kìíní kúrò nínú rẹ̀, ó sì di 0, 4, 4. Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú −2, a fi ìdajì ìlà kìíní kún un, ó di 0, 4, 5. Pífọ́ọ̀tì kejì ni 4 tó wà láàárín. A yọ ìlà kejì tuntun kúrò nínú ìlà kẹta, ó ku 0, 0, 1. Pífọ́ọ̀tì kẹta ni 1.

```
 4   2  -2
 0   4   4
 0   0   1
```

4, 4, 1. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ju òdo lọ, pọ́sítífù dẹ́fínìtì ni. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè ka sùkúéà rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí a ṣe yìí:

f(x, y, z) = 4(x + ½y − ½z)² + 4(y + z)² + z²

Kí f tó lè di òdo, sùkúéà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ di òdo. Èyí tó kẹ́yìn á fi ipá mú z di òdo, èyí àárín á wá mú y, èyí àkọ́kọ́ á mú x. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan 6 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ dín in kù sí 5, kí gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà. Ìyọkúrò kò ní yí padà títí tó fi máa dé igun tó kẹ́yìn, níbi tí 1 á ti di 0. Pífọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn ti di òdo. Ẹ wá ibi tí sùkúéà méjì àkọ́kọ́ ti kú: z = 1 á mú kí y jẹ́ −1, x á sì jẹ́ 1. Ẹ fi 1, −1, 1 sínú f, òdo ni. Kò lọ sábẹ́ òdo níbì kankan, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà kan yẹn, bí ìsàlẹ̀ gọ́tà. Irú èyí ni à ń pè ní pọ́sítífù sẹmi-dẹ́fínìtì. Ẹ tún dín in kù sí 4, pífọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn di −1, f ní 1, −1, 1 náà di −1, gàárì ti dé. Nígbà tí pífọ́ọ̀tì bá sọ pé mátíríìsì kan kùnà, kì í dá a lẹ́bi lásán, ó máa ń mú ẹlẹ́rìí wá: ó lè tọ́ka sí x, y àti z tó tú u fó.

Dítámínáǹtì àwọn igun òkè wá ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì. Ẹ kọ́kọ́ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà igun oníméjì-méjì, lẹ́yìn náà gbogbo oní-mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ ṣírò dítámínáǹtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún mátíríìsì wa tó ní 6, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4, ti èkejì jẹ́ 4 × 5 − 2 × 2, èyí tí í ṣe 16, ti ẹ̀kẹta náà sì jẹ́ 16. Òfin náà ni pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, láìku ọ̀kan.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pífọ́ọ̀tì. 4. Lẹ́yìn náà 16 tí a pín sí 4, ó jẹ́ 4. Lẹ́yìn náà 16 tí a pín sí 16, ó jẹ́ 1. Pífọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni dítámínáǹtì igun rẹ̀ tí a pín sí ti igun tó ṣáájú rẹ̀. Yíyọ ìlà kan kúrò nínú ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í yí dítámínáǹtì igun kankan padà, nítorí náà dítámínáǹtì igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsọdipúpọ̀ àwọn pífọ́ọ̀tì tó wà nínú rẹ̀: 4, lẹ́yìn náà 4 × 4, lẹ́yìn náà 4 × 4 × 1. Tí gbogbo dítámínáǹtì wọ̀nyí bá ju òdo lọ, gbogbo pífọ́ọ̀tì ju òdo lọ. Tí gbogbo pífọ́ọ̀tì bá ju òdo lọ, gbogbo dítámínáǹtì ju òdo lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹni tó ń sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ó ṣe pàtàkì kí a wo gbogbo igun, kì í ṣe ti gbogbo mátíríìsì nìkan. Ẹ wo èyí tó ní 1, −2, −3 lórí ìlà tó dábùú àti òdo níbi gbogbo yòókù. Dítámínáǹtì rẹ̀ jẹ́ 6, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n −2 àti −3 ló pa àmì ara wọn rẹ́. Igun kejì rẹ̀ jẹ́ −2, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣírò dítámínáǹtì onímẹ́rin-mẹ́rin tán pẹ̀lú òógùn, tó rí i pé ó ju òdo lọ, tó sì dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, ìdáhùn rẹ̀ ò sì dúró lórí nǹkan kan.

Ọ̀fìn kan tún wà níbi òdo. Èèyàn á rò pé tí gbogbo dítámínáǹtì igun òkè bá ti tó òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mátíríìsì náà á kéré tán jẹ́ sẹmi-dẹ́fínìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú èyí:

```
0   0
0  -1
```

Dítámínáǹtì igun rẹ̀ jẹ́ 0 àti 0, ṣùgbọ́n f rẹ̀ ni −y², gọ́tà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Fún sẹmi-dẹ́fínìtì, kò tó kí a wo àwọn igun òkè lápá òsì nìkan. A gbọ́dọ̀ wo gbogbo mátíríìsì kékeré tó lè jáde nígbà tí a bá mú àwọn ìlà kan àti àwọn òpó tó ní nọ́ńbà ipò kan náà. Àpẹẹrẹ òkè yìí ní −1 nínú wọn. Fún mátíríìsì oní-mẹ́ta-mẹ́ta, méje ni irú wọn. Bí mátíríìsì ṣe ń tóbi ni iye yìí ń di ìlọ́po méjì, ojú á sì ti ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ṣe é tán. Níbẹ̀, áígẹ́nfálù ló rọrùn jù.

Áígẹ́nfálù náà ń wá sùkúéà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Nínú sùkúéà tí pífọ́ọ̀tì fún wa, àwọn ọ̀nà tí a fi wo abọ́ náà, x + ½y − ½z, y + z àti z, kò dá igun mẹ́rin síra wọn. Wọ́n fì sápá kan. Áígẹ́nfálù á kọ́kọ́ yí orí wa síbi tó yẹ, a ó wá máa wo abọ́ náà ní ojú àwọn ọ̀nà tirẹ̀ gan-an, tó dúró gbọọrọ síra wọn bí ògiri méjì tó pàdé nígun yàrá. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni ibi tí mátíríìsì náà kì í ti yí fẹ́kítọ̀ lójú padà: ó kàn ń fà á gùn ni, tàbí kó sún un kì, tàbí kó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Iye tó fi fà á gùn ni áígẹ́nfálù, tí wọ́n ń kọ ní λ. Lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, f jẹ́ λ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú sùkúéà gígùn fẹ́kítọ̀ náà. Gbogbo f wá di λ₁u² + λ₂v² + λ₃w². Tí gbogbo λ bá ju òdo lọ, abọ́ ni. Tí ọ̀kan bá wà lábẹ́ òdo, ẹ rìn lójú ọ̀nà tirẹ̀, ẹ ó ṣubú.

Fún mátíríìsì wa, a ní láti yanjú ìdọ́gba yìí:

λ³ − 15λ² + 57λ − 16 = 0

Kò ní ìdáhùn tó mọ́ lójú. Ẹ̀rọ ìṣirò fún mi ní nǹkan bí 8.558, 6.137 àti 0.305. Ẹ fi wọ́n wé pífọ́ọ̀tì, 4, 4 àti 1. Wọn ò jọra rárá, ìbẹ̀rù á sì mú ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé bóyá òun ti ṣìṣe. Kò ṣìṣe. Ìsọdipúpọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí pé dítámínáǹtì ni ní ìhà méjèèjì, 16 sì ni. Àròpọ̀ wọn kò pọn dandan kó dọ́gba: ti áígẹ́nfálù jẹ́ 15, èyí tí í ṣe 4 + 5 + 6 orí ìlà tó dábùú, ti pífọ́ọ̀tì jẹ́ 9.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ jinlẹ̀ ju ìsọdipúpọ̀ lọ, James Joseph Sylvester, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì fi hàn ní 1852. Ọ̀nà yòówù kí a gbà tú f sí sùkúéà, bí a bá ṣe é dáadáa tí kò sí sùkúéà kan tó jẹ́ àdàpọ̀ àwọn yòókù, iye àwọn tó ní àmì àròpọ̀ níwájú kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ náà ni iye àwọn tó ní àmì ìyọkúrò. Nọ́ńbà iwájú wọn lè yí bó ṣe wù ú, àmì ò ní yí. Ìdí nìyí tí a fi lè fi pífọ́ọ̀tì tó rọrùn dípò áígẹ́nfálù tó ṣòro: tí pífọ́ọ̀tì méjì bá ju òdo lọ, tí ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀, áígẹ́nfálù náà á jẹ́ méjì sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Ti ọmọ ọjọ́sí ní pífọ́ọ̀tì 1 àti −1. Áígẹ́nfálù rẹ̀ jẹ́ 2 + √5 àti 2 − √5, nǹkan bí 4.236 àti −0.236. Ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀.

Kí wá ni àǹfààní áígẹ́nfálù tó bá le tó báyìí? Ó ń sọ ohun tí àwọn méjì yòókù kì í sọ tààrà: bí abọ́ náà ṣe jìn tó. 0.305 tó kéré jù yẹn túmọ̀ sí pé f kò ní kéré ju nǹkan bí 0.305 ìlọ́po sùkúéà gígùn fẹ́kítọ̀ lọ níbikíbi. Ẹ padà sí 1, −1, 1. Sùkúéà gígùn rẹ̀ jẹ́ 3, f ibẹ̀ jẹ́ 1, èyí sì jẹ́ nǹkan bí 0.333 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Lójú ọ̀nà yẹn, abọ́ wa fẹ́ tẹ́, nígbà tó ga fíofío lójú ọ̀nà 8.558. Tí a bá yọ 0.31 kúrò lára 4, 5 àti 6, mátíríìsì náà á kùnà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti inú ìwọ̀n wá, tí àṣìṣe díẹ̀ sì lè wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Èwo ni kí èèyàn lò nígbà náà? Fún oníméjì-méjì, mo máa ń wo igun: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ju òdo lọ, dítámínáǹtì ju òdo lọ, ó tán. Láti oní-mẹ́ta-mẹ́ta lọ sókè, pífọ́ọ̀tì ni mo máa ń fọwọ́ ṣe, nítorí ìyọkúrò kan ṣoṣo á bí gbogbo rẹ̀, mo sì lè dúró lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀kan bá kùnà. Àwọn ìwé kan fẹ́ràn dítámínáǹtì jù, èmi ò rí ìdí rẹ̀ nígbà tí mátíríìsì bá ti ju mẹ́ta lọ, àfi tí lẹ́tà bá wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ní ká wá iye tó lè jẹ́.

Àṣìṣe méjì wà tó máa ń ba ìyọkúrò jẹ́. Èkíní ni pípààrọ̀ ìlà. Nígbà tí a bá ń yanjú ìdọ́gba, tí òdo bá jókòó síbi pífọ́ọ̀tì, wọ́n kọ́ wa pé ká gbé ìlà mìíràn wá rọ́pò rẹ̀. Níbí, ẹ má ṣe é. Òdo tó jókòó síbi pífọ́ọ̀tì ni ìdáhùn fúnra rẹ̀: mátíríìsì náà kì í ṣe pọ́sítífù dẹ́fínìtì. Èkejì ni pípín ìlà kó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ìwé ọmọ yẹn, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti dé 0, −1 ní ìlà kejì, ó wá pín in sí −1 "kó lè mọ́", ó rí 1 àti 1 lórí ìlà tó dábùú, ó sì gbà pé òótọ́ ni ohun tí òun rò látìbẹ̀rẹ̀. Àmì tí à ń wá gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ nù dànù. Yíyọ ìlọ́po ìlà òkè lára ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni kí a ṣe, kí a má sọ ìlà kankan fúnra rẹ̀ di púpọ̀ níbi tó wà, kí a má pín in.

Lórí kọ̀ǹpútà, pífọ́ọ̀tì ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà kan tó jẹ́ ti André-Louis Cholesky, ọ́físà ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé tó ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀. Ó kú lójú ogun ní 1918, ní 1924 ni wọ́n tó tẹ ọ̀nà rẹ̀ jáde. Ó ń tú mátíríìsì sí onígun mẹ́ta kan àti ìdàkejì rẹ̀, àwọn rúùtù pífọ́ọ̀tì á sì wà lórí ìlà tó dábùú. Ti wa mọ́ lójú gan-an:

```
 2   0   0
 1   2   0
-1   2   1
```

2, 2, 1 jẹ́ rúùtù 4, 4, 1. Bí pífọ́ọ̀tì kan bá já sí òdo tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ò ní tẹ̀ síwájú, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ ọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn gan-an ni àyẹ̀wò:

```python
import numpy as np
A = np.array([[4., 2, -2], [2, 5, 3], [-2, 3, 6]])
np.linalg.cholesky(A)
```

Ẹ yí 6 padà sí 4, ẹ ó rí `LinAlgError: Matrix is not positive definite`. Ẹ yí i sí 5, yóò tún kọ̀ ọ́, nítorí òdo kò tó. Bí ẹ bá lo `np.linalg.eigvalsh(A)` fún ti 5 yìí, èyí tó kéré jù lè má jáde bí òdo gan-an. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà tíńtìntín kan tí `e-16` wà nídìí rẹ̀, ó lè ní àmì ìyọkúrò, ó lè má ní. Àmì irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ẹ fi wé áígẹ́nfálù tó tóbi jù, tó bá kéré sí i tó bẹ́ẹ̀, òdo ni kí ẹ kà á sí.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í bèèrè bóyá mátíríìsì náà jẹ́ símẹ́tíríìkì. Gbogbo ohun tí mo sọ látòkè wá sinmi lé e. Ẹ wo èyí:

```
1  -4
0   1
```

Áígẹ́nfálù rẹ̀ jẹ́ 1 àti 1, pífọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1 àti 1, dítámínáǹtì igun rẹ̀ jẹ́ 1 àti 1. Àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n f rẹ̀ ni x² − 4xy + y², tí a bá sì fi 1 àti 1 sí i, −2 ni. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ pín −4 sí méjì, kí −2 wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Pífọ́ọ̀tì á wá jẹ́ 1 àti −3. Tí a bá gbé ti òkè yẹn fún `np.linalg.cholesky` bó ṣe wà, kò ní kọ̀ ọ́. Ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ń kà, kò ní rí −4 yẹn rárá, á dá mátíríìsì tó ní 1 lórí ìlà tó dábùú àti òdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà fún yín, láìsọ nǹkan kan. Nítorí náà, ìlà kan wà tí mo máa ń kọ ṣáájú gbogbo rẹ̀:

```python
assert np.allclose(A, A.T)
```